Aláìnmẹ́ǹtì Pé, Síbẹ̀ Mọ́tò Ń Fà: Ẹ Yẹ Táyà Wò

Wọ́n gbé mọ́tò sórí ẹ̀rọ aláìnmẹ́ǹtì, kọ̀ǹpútà tẹ ìwé jáde, gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ pé, onímọ́tò sanwó, ó bọ́ sí títì. Kò tíì rìn jìnnà tí mọ́tò tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà sápá òsì. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tún un ṣe, ó sì tún ń fà. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di ti bọ́ọ̀lù jọ́ǹtì, ti búṣì, ti ráàkì sítíárìn, tí owó á sì máa jáde lápò bí omi. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, inú táyà ni ohun tó ń fa mọ́tò náà wà, ẹ̀rọ aláìnmẹ́ǹtì kò sì lè rí i. Jáàkì, wílì sípánà àti bí wákàtí kan ló tó láti fi mọ̀ bóyá táyà ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ra ráàkì tuntun kó tó ṣe ìdánwò yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń pè ní fífà. Bí ẹ bá ń lọ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, tó sì gún régé, tí ẹ rọ ọwọ́ lórí sítíárìn, tí mọ́tò wá ń yà kúrò lójú ìlà rẹ̀ títí tí ẹ fi ní láti máa dá a padà ní gbogbo ìgbà, ìyẹn ni fífà. Bí sítíárìn bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣùgbọ́n tí mọ́tò ń lọ tààrà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, aláìnmẹ́ǹtì ló sì ni ín. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ló ń fà, bíréèkì ni kí ẹ wò. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹná mọ́ ọn nìkan, ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì àti àwọn ọ̀pá tó ń gbé agbára rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ iwájú ni kí ẹ lọ. Èyí tó ń fà nígbà gbogbo, ì báà jẹ́ pé ẹ tẹná tàbí ẹ kò tẹ̀ ẹ́, ni ọ̀rọ̀ wa kàn.

Ohun tí ẹ̀rọ aláìnmẹ́ǹtì ń wọ̀n ni bí ẹsẹ̀ mọ́tò ṣe dúró. Ó ń wo bóyá orí ẹsẹ̀ tẹ̀ sínú tàbí síta, èyí tí wọ́n ń pè ní kámbà. Ó ń wo bóyá iwájú ẹsẹ̀ méjèèjì kọjú síra tàbí wọ́n kẹ̀yìn síra, ìyẹn tóò. Ó tún ń wo bí ọ̀pá tí ẹsẹ̀ iwájú fi ń yí ṣe fì sẹ́yìn, ìyẹn kásítà. Ara rímù ni wọ́n ń so irinṣẹ́ mọ́ láti wọn gbogbo rẹ̀. Táyà tó wà lórí rímù náà kò sí nínú ìṣirò rárá. Bí táyà bá ní àléébù nínú, gbogbo nọ́ńbà lè pé pérépéré kí mọ́tò sì máa fà síbẹ̀. Ẹ̀rọ báláǹsì náà kò lè rí i, nítorí ìwúwo nìkan ni ìyẹn ń wá.

Kí ló wá wà nínú táyà ọ̀hún? Ẹ wo ara táyà mọ́tò kékeré, ẹ ó rí àkọlé bíi 195/65R15. R àárín yẹn ló ń sọ pé táyà rédíà ni, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Mísẹ́lìn ti ilẹ̀ Faransé gba ìwé àṣẹ fún ní 1946, tó sì ti gba gbogbo ayé mọ́tò kékeré báyìí. Nínú táyà rédíà, lábẹ́ ibi tó ń tẹ ilẹ̀ gan-an, wọ́n fi ìgbànú wáyà irin yí táyà po, ìpele méjì ló sábà máa ń jẹ́. Ìgbànú yìí ló ń di ojú táyà mú kó má wú nígbà tí a bá fún un ní afẹ́fẹ́. Ó yẹ kó wà ní àárín gbùngbùn. Bí ó bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìwọ̀n mílímítà díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe táyà náà, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ kan le ju èkejì lọ, ẹ̀gbẹ́ tí ìgbànú dì mú dáadáa kò ní lè wú tó ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọ inú táyà tí ìwúwo mọ́tò sì gùn ún, èjìká kan á tóbi ju èkejì lọ díẹ̀. Ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ yẹn.

Ẹ mú ife oníke tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì tì í. Kò ní lọ tààrà. Ó máa yí po ni, sápá ibi ìdí rẹ̀ tó kéré. Táyà tí èjìká rẹ̀ kan tóbi ju èkejì ń fẹ́ ṣe bákan náà gẹ́lẹ́: ó ń tì sápá èjìká tó kéré ní gbogbo ìgbà tó bá ń yí. Kónísítì ni àwọn onímọ̀ táyà ń pe agbára yìí, àwọn oníṣẹ́ mọ́tò a sì máa pè é ní rédíà pùúlù.

Àbùdá kan tí agbára yìí ní ló jẹ́ kí ìdánwò wa ṣeé ṣe. Ara táyà ló so mọ́, kò so mọ́ mọ́tò. Ká ní ẹ̀gbẹ́ táyà tó kọjú síta ni èjìká rẹ̀ kéré. Bí táyà náà bá wà lẹ́sẹ̀ òsì, òsì ni yóò máa fa mọ́tò sí, nítorí òsì ni ìta wà. Bí ẹ bá tú u pẹ̀lú rímù rẹ̀, tí ẹ gbé e lọ sẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni yóò ṣì kọjú síta, ṣùgbọ́n ìta ti di apá ọ̀tún. Ọ̀tún ni yóò wá máa fà sí. Àléébù kásítà, kámbà tàbí bíréèkì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ara mọ́tò ni àwọn wọ̀nyẹn wà. Bí ẹ bá gbé táyà kúrò, ibi tí wọ́n wà ni wọ́n máa wà. Nítorí náà, pààrọ̀ táyà iwájú méjèèjì síra wọn, kí o sì wò bóyá fífà náà bá wọn lọ.

Àmọ́ kí ẹ tó gbé jáàkì, àwọn nǹkan kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mú kúrò lọ́nà. Èkíní ni afẹ́fẹ́. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré a máa fa mọ́tò sápá ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí mọ́tò tó rìn, kí táyà ṣì tutù, kí ẹ sì lo géèjì kan náà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iye tó yẹ wà lára ìwé tó lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Nọ́ńbà ńlá tí ẹ ń rí lára táyà fúnra rẹ̀ kọ́, ìyẹn ni òpin ohun tí táyà lè gbà. Èkejì ni bíréèkì tó ń di ẹsẹ̀ kan mú. Ẹ wa mọ́tò lọ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìfi bẹ́ẹ̀ tẹ bíréèkì, kí ẹ dúró, kí ẹ sún ẹ̀yìn ọwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rímù kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Bí ọ̀kan bá gbóná gidi ju àwọn tó kù lọ, ẹ ti rí ọ̀daràn.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà fúnra rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ọ̀dà ni wọ́n máa ń ṣe kó dà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí omi òjò lè ṣàn lọ sínú gọ́tà. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, nítorí náà ọ̀tún ni ọ̀nà wa sábà máa ń dà sí. Bí mọ́tò bá rọra ń lọ sápá ọ̀tún díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ bá rọ ọwọ́, ó lè jẹ́ ọ̀nà lásán ni. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó ń fà sápá òsì lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ń gun òkè lọ ni, kékeré sì kọ́ ni ohun tó ń fà á.

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀ lé mọ́tò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn ra táyà tòkunbọ̀ mẹ́rin fún Kòrólà rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé wọn wọ̀ ni mọ́tò ti ń fà sápá òsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé e lọ fún aláìnmẹ́ǹtì. Ìwé kejì tó gbà fi hàn pé kámbà ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba, tóò pé, ìyàtọ̀ kásítà òsì sí tọ̀tún kò sì tó ìlàjì dígírì. Síbẹ̀, òsì ni mọ́tò ń lọ. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà wá dábàá pé kí wọ́n dorí kámbà ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ síta díẹ̀ kó lè máa fà padà sí ọ̀tún. Bàbá ní òun máa kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì òun.

Mẹkáníìkì náà ka ìwé náà tán, ó ní, "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan aláìnmẹ́ǹtì yìí mọ́ o. Ó pé. Ẹ jẹ́ ká bi táyà léèrè."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wọn afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì mú gbogbo wọn dọ́gba ní 32, iye tó wà lára ilẹ̀kùn. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ L1 sí táyà iwájú òsì, R1 sí iwájú ọ̀tún, L2 àti R2 sí ti ẹ̀yìn. Ìlà ṣọ́ọ̀kì yìí ṣe pàtàkì, nítorí bí táyà bá ti yí ipò padà lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó máa rántí èyí tó jẹ́ èwo mọ́. Wọ́n wá jáde lọ síbi tí títì ti gún, tí ọkọ̀ kò sì pọ̀. Wọ́n sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan. Ó jẹ́ kí ọwọ́ fúyẹ́ lórí sítíárìn láìjù ú sílẹ̀, ó sì ń ka ìṣẹ́jú àáyá lẹ́nu. Kí ó tó ka méje, mọ́tò ti kan ìlà tó wà lápá òsì.

Wọ́n padà, wọ́n gbé iwájú sókè, wọ́n pààrọ̀ L1 àti R1. Kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ó di nọ́ọ̀tì rẹ̀ lọ́nà tí wọ́n fi ń di í: ó mú ọ̀kan, ó mú èyí tó kọjú sí i, kí rímù lè jókòó dáadáa. Wọ́n padà sójú títì kan náà, wọ́n kọrí sí apá kan náà, eré kan náà ni wọ́n sì sá. Mọ́tò fà sápá ọ̀tún, kò sì tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tó fi kan ìlà.

Ohun méjì ni ìdánwò yẹn sọ. Àkọ́kọ́, fífà náà bá táyà lọ, nítorí náà ọ̀kan nínú àwọn táyà iwájú méjì ló ni ẹ̀bi. Èkejì, ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí táyà ń fà sápá òsì, títì tó dà sí ọ̀tún ń bá a jà. Nígbà tí táyà wá ń fà sápá ọ̀tún, títì àti táyà jọ ń fa mọ́tò síbì kan náà ni. Èyí ló fà á tí wọ́n fi ń sọ pé ojú títì kan náà ni kí a ti ṣe ìdánwò méjèèjì. Bí wọ́n bá lo ọ̀nà mìíràn nígbà kejì, wọn kò bá mọ ohun tí táyà ṣe yàtọ̀ sí ohun tí títì ṣe.

Ó kù kí wọ́n mọ èyí tó jẹ̀bi nínú méjèèjì. L1 ti wà níwájú lápá ọ̀tún báyìí. Mẹkáníìkì náà gbé L1 lọ sẹ́yìn lápá ọ̀tún kan náà, ó sì gbé R2 wá síwájú. Wọ́n tún jáde. Mọ́tò lọ tààrà, àfi bó ṣe rọra ń tẹ̀ sí ọ̀tún pẹ̀lú ọ̀nà. L1 ni. Ká ní ó ṣì ń fà gan-an ni, á dá L1 padà síwájú, á wá gbé táyà iwájú kejì lọ sẹ́yìn lápá tirẹ̀.

Bí ìdánwò ṣe sọ̀rọ̀ fún Bàbá kọ́ ló máa ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo èèyàn. Bí ẹ bá pààrọ̀ táyà iwájú tí mọ́tò sì ń fà síbi tó ń fà sí tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú agbára kan náà, ẹ jẹ́ kí táyà lọ lómìnira kúrò nínú ẹ̀sùn kónísítì. Ẹ lọ wo bíréèkì, síprìǹgì tó ti wálẹ̀ lápá kan, àti búṣì. Ẹ tún padà ka kásítà àti kámbà dáadáa: mọ́tò a máa fà sápá ibi tí kásítà ti kéré, àti sápá ibi tí orí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ síta jù. Agbára kan tún wà nínú táyà rédíà tó ń tinú bí wọ́n ṣe fi wáyà ìgbànú lélẹ̀ ní ìdábùú wá. Ìyẹn ń tẹ̀ lé apá ibi tí táyà ń yí sí, kì í tẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síta, nítorí náà pípààrọ̀ òsì sí ọ̀tún kì í yí i padà. Gbogbo táyà irú kan náà ló sábà máa ń ní in bákan náà, àwọn tó ń ṣe táyà sì máa ń fi ọgbọ́n lò ó láti kojú dídà ọ̀nà.

Èyí tó máa ń tan èèyàn jẹ ni ìgbà tí fífà bá pòórá pátápátá lẹ́yìn tí ẹ pààrọ̀ táyà iwájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn á dúpẹ́, wọ́n á sì máa lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nǹkan méjì ló jọ ń fa mọ́tò síbì kan tẹ́lẹ̀, táyà jẹ́ ọ̀kan, ọ̀nà tàbí ara mọ́tò sì jẹ́ èkejì, agbára wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní báyìí, wọ́n ti kọjú ìjà síra wọn. Ẹ lè lo mọ́tò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá tún yí táyà padà tàbí tí ẹ ra tuntun, èyí tó kù lè tún yọjú.

Ìṣirò kan náà ló ṣàlàyé ìdí tí mọ́tò tó ti ń lọ tààrà láti ọdún méjì fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í fà lọ́jọ́ tí fọ́gánáìsà bá gbé táyà ẹ̀yìn síwájú. Kò sí táyà tí kónísítì rẹ̀ jẹ́ òdo. Bí méjèèjì tó wà níwájú bá ní ìwọ̀n kan náà, tí wọ́n sì ń tì sí ẹ̀gbẹ́ kan náà lára wọn, tòsì á máa tì síbí, tọ̀tún á máa tì sọ́hùn-ún, wọ́n á pa ara wọn. Táyà tuntun tó wá láti ilé-iṣẹ́ kan lọ́jọ́ kan sábà máa ń bára wọn mu báyìí. Táyà tòkunbọ̀ tí ẹ ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín òkìtì, tí orúkọ àti ọjọ́ orí wọn yàtọ̀ síra, kò ní ìdí kankan láti bára wọn mu.

Kí ni ká ṣe sí táyà tó jẹ̀bi? Bí ó bá ṣì dára lápá gbogbo, ẹ̀yìn ni kó wà, nítorí táyà ẹ̀yìn kò fi bẹ́ẹ̀ ní agbára láti fa mọ́tò. Fọ́gánáìsà tún lè tú u kúrò lára rímù, kó yí inú rẹ̀ síta, kí fífà rẹ̀ lè kọrí síbòmíì. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka ara rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ OUTSIDE sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ kọjú síta, ẹ má yí i. Bí ẹ bá rí ROTATION pẹ̀lú ọfà, apá kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é láti máa yí sí. Ẹ lè gbé e lọ sápá kejì fún ìdánwò kúkúrú lójú ọ̀nà tó gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà kí òjò tó bá yín lójú títì. Bí táyà bá sì jẹ́ tuntun, ẹ mú un padà fún ẹni tó tà á pẹ̀lú àbájáde ìdánwò yín, kí ẹ béèrè fún òmíràn.

Ti Bàbá kò gba àtúnṣe. Lára L1, ní ìparí ìlà nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT, 1614 ló wà níbẹ̀: ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Nígbà tí mẹkáníìkì sì rọra fọwọ́ ra ojú rẹ̀, ó rí ibì kan tó wú díẹ̀. Ìgbànú irin inú rẹ̀ ti ń ṣí kúrò lára rọ́bà. Táyà bẹ́ẹ̀ lè bẹ́ nígbàkigbà, kò sì yẹ níwájú, kò yẹ lẹ́yìn, kò yẹ ní ṣípà. Nítorí náà, bí mọ́tò tó ń lọ tààrà tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fà, pàápàá tí sítíárìn bá tún ń gbọ̀n, ẹ má ṣe ìdánwò eré kankan. Ẹ dúró, kí ẹ fojú àti ọwọ́ yẹ táyà wò ná.

Ká ní Bàbá gbà fún ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yẹn pé kó dorí kámbà kọ ńkọ́? Mọ́tò ì bá lọ tààrà fún ìgbà díẹ̀, táyà ọ̀tún ì bá máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, táyà tó ń wú sì ì bá ṣì wà níwájú títí tó fi máa bẹ́. Lọ́jọ́ tó bá sì ra táyà gidi, ọ̀tún ni mọ́tò ì bá tún máa fà sí.

Ẹ̀yin onímọ́tò, bí ìwé aláìnmẹ́ǹtì bá ti pé, ẹ má sanwó kí wọ́n bà á jẹ́ nítorí táyà. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ táyà iwájú méjèèjì síra wọn lójú yín, kí ẹ sì jọ gbé mọ́tò náà jáde. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kò ní kọ̀.